Lẹ́tà tí ẹ máa kọ kí ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù tó fún yín ní ẹ̀dà fáìlì yín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọdún tí mo lò lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ìjọba kan kì í ṣe kékeré, àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń na lẹ́tà sí mi. Púpọ̀ nínú lẹ́tà yẹn ò ju ìlà méjì lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kọ́pì fáìlì mi. Ẹ ṣé." Tẹ́ni tó kọ ọ́ bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà ṣì wà nínú tíréè, inú á bí i, inú á bí èmi náà, àwa méjèèjì á wá máa wo ara wa.

Obìnrin kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún 2016 ló ṣiṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì lọ́dọ̀ wa. Ó wá lóyún lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ìwòsàn míì nítòsí ilé ọkọ ẹ̀ ló ń lọ fún àǹtínétà, dókítà ibẹ̀ sì sọ fún un pé òun ò lè sọ bó ṣe máa bímọ àfi tóun bá rí ohun tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, torí àṣírí aláìsàn ò ní ọjọ́ tó ń gbó.

Ta ló ni fáìlì yẹn gan-an, èmi ni àbí ilé ìwòsàn?

Ilé ìwòsàn ló ni pépà, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní kó fáìlì gan-an fún yín gbé lọ sílé, ẹ̀dà ni wọ́n máa fún yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ló ní kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù gbogbo aláìsàn, abala 26 nínú òfin yẹn ló sì sọ ọ́ di àṣírí: wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíì àyàfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí tí kóòtù tàbí òfin bá pàṣẹ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìdí míì tí òfin kà sílẹ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 náà sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí rẹ́kọ́ọ̀dù ara ẹ̀ lásìkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kún un, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìwà ìkà ló ń ṣe wá. Abala 29 nínú òfin 2014 yẹn sọ pé ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà rẹ́kọ́ọ̀dù láìní àṣẹ lè jẹ ẹ̀wọ̀n tí ò ju ọdún méjì lọ, tàbí kó san 250,000 náírà, tàbí kó gba méjèèjì. Ẹ wá rò ó wò, akọ̀wé tẹ́ ẹ ní kó bá yín "ṣe é ní kíá" lẹ́yìn kọ́ńtà, ẹ̀wọ̀n lẹ ní kó wá fi ṣeré. Lẹ́tà yín ló máa ń bo òun náà láṣìírí.

Mo gbọ́ pé mẹ́díkà rípọ̀ọ̀tì ni wọ́n máa ń fúnni. Ṣé nǹkan kan náà ni pẹ̀lú ẹ̀dà fáìlì?

Rárá o, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Rípọ̀ọ̀tì ni lẹ́tà tuntun tí dókítà jókòó kọ lónìí, tó wo fáìlì yín tó sì sọ ọ́ ní ṣókí, ojú ìwé kan tàbí méjì. Ẹ̀dà fáìlì ni fọ́tòkọ́pì ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ìwé tíátà, ìwé lábù, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé ló ń bèèrè, rípọ̀ọ̀tì ti tó, ó sàn jù pàápàá, torí kí ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín fẹ́ fi gbogbo ìtàn ara yín ṣe. Dókítà tó fẹ́ tọ́jú yín ni rípọ̀ọ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́.

Ẹ wo obìnrin wa yìí. Rípọ̀ọ̀tì ló kọ́kọ́ bèèrè torí òun lẹnì kan ní kó bèèrè. Ohun tí rípọ̀ọ̀tì sọ ni pé wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì fún un lọ́dún 2016, ara ẹ̀ yá, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ sílé. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Dókítà àǹtínétà kà á, ó dá a padà fún un. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀bẹ ṣe wọlé tó: ṣé ìta ara ilé ọmọ ni wọ́n gé, àbí wọ́n gé e wọnú ihò ibi tí ọmọ máa ń jókòó sí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n wọnú ihò yẹn, àpá tó wà níbẹ̀ lè ya nígbà ìrọbí, ọ̀pọ̀ dókítà ò ní jẹ́ kó rọbí rárá, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ jáde kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìta lásán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú àtibí fúnra ẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló ní ìdáhùn yẹn nínú fáìlì tó nípọn bí búrẹ́dì: ìwé iṣẹ́ abẹ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ọpuréṣọ̀n nóòtì. Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tó padà wá bá wa.

Ẹ fi bí lẹ́tà ṣe máa rí hàn wá, ká rí i.

Ó dáa. Lẹ́tà kejì tí obìnrin yẹn kọ nìyí, orúkọ Lágbájá ni mo fi sí i, nọ́ńbà káàdì náà sì jẹ́ ti àtọwọ́dá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, mo kàn kọ ọ́ ní Yorùbá kí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lè hàn kedere:

> Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn,
> Kí ó kan Olórí Ẹ̀ka Rẹ́kọ́ọ̀dù lára.
>
> Ẹ̀dà ìwé inú fáìlì mi, nọ́ńbà káàdì 214638
>
> Èmi Lágbájá Làmọrín (ìyàwó ilé), tí orúkọ mi lórí káàdì yín ń jẹ́ Lágbájá Tàmẹ̀dù kí n tó relé ọkọ, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ ìbí mi àti nọ́ńbà fóònù mi wà nísàlẹ̀. Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lóṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì fún mi.
>
> Mo lóyún ọ̀sẹ̀ 30 báyìí. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní ilé ìwòsàn míì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ mi nígbà náà, kó lè pinnu bí mo ṣe máa bímọ. Mo ń bèèrè fún ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí: ìwé iṣẹ́ abẹ, ojú àti ẹ̀yìn, èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ, àti ìwé tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀ lọ sílé.
>
> Mo so ẹ̀dà NIN mi, ẹ̀dà káàdì ilé ìwòsàn, ìwé ìgbéyàwó àti lẹ́tà dókítà mi mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ni màá wá gbà á. Mo ṣe tán láti san owó fọ́tòkọ́pì tí ẹ bá ní kí n san.
>
> Ìfọwọ́sí àti ọjọ́

Òun nìyẹn. Ojú ìwé kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígùn, ó sọ bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ ti ìyá ọkọ, ó gbàdúrà fún wa (a ṣe àmín), kò sì sí nọ́ńbà káàdì nínú ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀ ń pariwo nọ́ńbà káàdì tó báyìí? Ṣé orúkọ ò tó ni?

Orúkọ ò tó. Ẹ lọ wo iye èèyàn tó ń jẹ́ orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín ní ìlú yín nìkan.

Bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ṣe ń to fáìlì síbẹ̀, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ká mú 214638 yẹn. A ò ní lọ síbi 21, ibi ṣẹ́ẹ́fù 38 la ń lọ, a máa wá 46 níbẹ̀, ká tó wá 21. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé fáìlì tuntun máa tàn kálẹ̀ sí gbogbo ṣẹ́ẹ́fù dípò kó máa ga jọ sí òpin ibì kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi 36 rọ́pò 38, ẹ ò sún mọ́ ọn rárá, yàrá míì pátápátá ló ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rán wa lọ. Torí náà ẹ má kọ nọ́ńbà yẹn látorí, ẹ wò ó lára káàdì, ẹ kọ ọ́, ẹ tún wò ó.

Káàdì mi ti sọnù ńkọ́? Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ.

Kò bà jẹ́. Gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù ló ní atọ́ka orúkọ, bóyá nínú kọ̀ǹpútà ni o tàbí káàdì kéékèèké nínú dúrọ́ọ̀ irin. Ohun tá a nílò ká tó lè rí yín níbẹ̀ ni orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ìgbà náà (kì í ṣe ti ìsinsìnyí), ọdún tẹ́ ẹ wá, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ kọ pé kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn mẹ́ta bá ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ tú ilé yín wò kẹ́ ẹ tó wá. Rísíìtì àtijọ́, ìwé lábù, ìwé oògùn, páálí fíìmù X-ray, nọ́ńbà yẹn máa ń wà lára wọn. Àwọn ilé ìwòsàn kan á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù pé káàdì sọnù. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ ná owó yẹn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bèèrè ẹ̀.

Orúkọ tí mo ń jẹ́ báyìí kọ́ ló wà nínú fáìlì.

Ẹ kọ méjèèjì sínú lẹ́tà, ẹ sì so ìwé tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn: ìwé ìgbéyàwó, tàbí ìwé ìbúra kóòtù pẹ̀lú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fi kéde àyípadà orúkọ. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó máa ń le ni orúkọ tí akọ̀wé ṣì kọ lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó ń jẹ́ Ṣadé tí wọ́n wá kọ Folaṣadé, tàbí ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣàdéédé fi January 1 sí torí ara aláìsàn ò yá débi tó fi lè dáhùn. Ẹ sọ ọ́ síta nínú lẹ́tà pé "ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ báyìí". Kò sẹ́ni tó máa fi ṣe yín léèmọ̀.

Ṣé dandan ni kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe? Rẹ́kọ́ọ̀dù mi sáà ni.

Tó bá jẹ́ ti òfin, ẹjọ́ yín jàre. Òfin Ààbò Détà Nàìjíríà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà détà ara yín láìsí ìdíwọ́ àti láìsí ìfàsẹ́yìn tí kò nídìí, kò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ara yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Fáìlì ẹni tó sùn sí wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì lè ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ, ṣáàtì ìgbóná ara nìkan á gba mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "gbogbo ẹ̀", ó máa pẹ́, owó ẹ̀ á pọ̀, dókítà tẹ́ ẹ gbé e lọ bá á sì máa ṣí i bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Tẹ́ ẹ bá sọ pé dókítà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ yín, kíá ni mo ti mọ ìwé tí mo máa kọ́kọ́ fà yọ. Ohun tí "ìdí" ń ṣe nínú lẹ́tà nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ àyè.

Ó tún ń dáàbò bo yín. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ oyún ni, kò sídìí tí a fi máa fi ìwé ẹ̀ka ọpọlọ tẹ́ ẹ lọ lọ́dún 2012 sínú ẹ̀, tàbí èsì àyẹ̀wò kan tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ọkọ yín bá lórí tábìlì.

Tó bá jẹ́ ẹjọ́ lẹ fẹ́ bá ilé ìwòsàn ṣe ńkọ́? Ẹ má parọ́ pé ìrìnàjò ni. Ẹ kọ "fún lílò ara mi", ó tó. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé kóòtù, kí lọ́yà yín gba àṣẹ kóòtù.

Kí ni màá fi hàn pé èmi lèmi?

NIN, pásípọ́ọ̀tì, káàdì ìdìbò tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀dà ẹ̀ lẹ máa so mọ́ lẹ́tà, ẹ mú ojúlówó dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá gbà á. Fọwọ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé tẹ́ ẹ gbà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, torí ìwé yẹn wà nínú fáìlì, a sì máa ń fi wéra. Nǹkan tí èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Tí ìfọwọ́sí yín bá ti yí padà, ẹ sọ.

Tí mo bá ti fi sílẹ̀ tán, ibo ló ń gbà? Kí ló dé tó fi ń pẹ́?

Ibi tí a ti ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ sítáǹpù sí i, wọ́n á fi sínú fáìlì tiwọn. Ọ̀gá tàbí igbákejì ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn á kọ sí i lára pé "kí wọ́n ṣe é". Ó máa wá sọ́dọ̀ olórí rẹ́kọ́ọ̀dù, a máa fa fáìlì jáde, lọ́pọ̀ ibi a máa fi han kọnsọ́tántì tó tọ́jú yín, òun náà á fọwọ́ sí i, ẹ máa lọ sanwó, a máa ṣe fọ́tòkọ́pì, a máa tẹ sítáǹpù sára ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn aládàáni kì í le tó bẹ́ẹ̀, nígbà míì ọ̀gá dókítà àti rẹ́kọ́ọ̀dù ò ju yàrá méjì síra lọ.

Ọ̀dọ̀ kọnsọ́tántì ló ti máa ń sùn jù. Ó wà ní tíátà, ó lọ kọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì òun. Tẹ́ ẹ bá mọ ọjọ́ kílíníìkì ẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí níbí: ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n á tẹ sítáǹpù àti ọjọ́ sára ìkejì, ẹ̀yin lẹ máa mú un lọ sílé. Láìsí ìyẹn, tẹ́ ẹ bá padà wá tí wọ́n ní "a ò rí lẹ́tà kankan o", ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi dá wọn lóhùn. Ẹnì kan fi lẹ́tà tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ síkiọ́ríìtì. Títí dòní a ò rí lẹ́tà yẹn.

Èló ni?

Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀. Òfin 2023 yẹn gbà pé kí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé nínú owó ẹ̀ tí ìnáwó tó máa ná wọn bá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò sọ pé kí wọ́n fi ṣòwò. Ibi ìsanwó lẹ ti máa san án, ẹ gba rísíìtì. Ẹni tó bá fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì ara ẹ̀, owó àpò ẹ̀ ló ń wá.

Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi.

Ẹ má tíì sunkún. "A ò rí i" ní ìtumọ̀ bíi mẹ́ta, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń sọ.

Ó lè jẹ́ pé ó jáde. Tí a bá fa fáìlì kan yọ lórí ṣẹ́ẹ́fù, páálí kan la máa ń tì bọ àyè ẹ̀, tírésà là ń pè é, a máa kọ nọ́ńbà fáìlì, ẹni tó gbé e, ibi tó ń lọ àti ọjọ́ sí i. Torí náà ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé tírésà wà níbẹ̀?" Tó bá wà, a mọ ibi tó lọ, kílíníìkì kan ni, tàbí ọ́fíìsì dókítà tó ń fi ṣe ìwádìí, ẹ lè fẹsẹ̀ ara yín rìn dé ibẹ̀. Tí àyè bá ṣófo tí tírésà ò sì sí, ẹnì kan ló gbé e láìkọ, ẹjọ́ tiwa nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Ó lè jẹ́ pé ó ti lọ sí ilé ìpamọ́. Fáìlì tí ẹni tó ni ín ò bá wá fún ọdún mélòó kan, wọ́n á kó o kúrò lórí ṣẹ́ẹ́fù lọ sí yàrá míì, nígbà míì ní ilé míì. Ti obìnrin wa nìyẹn. Yàrá yẹn ò ní iná mànàmáná lọ́sẹ̀ yẹn, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi wá a, lábẹ́ àpò kan tí eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, eruku sì bo gbogbo ẹ̀ débi pé ìka ni mo fi nù ún kí n tó rí 46.

Ó sì lè jẹ́ pé ó ti sọnù lóòótọ́, omi tàbí ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn fún yín sínú lẹ́tà, ẹ wá kọ lẹ́tà míì sí àwọn ibi tí wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀ láìfi sínú fáìlì. Tíátà ní ìwé ńlá tí wọ́n máa ń kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ sí, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ oníṣẹ́ abẹ àti ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́ọ̀dù ní ìwé ìgbàwọlé. Lábù tó yẹ ẹran ara wò ní ẹ̀dà èsì, ó tún ṣeé ṣe kó ṣì ní ègé ẹran ara yẹn gan-an tí wọ́n fi àbẹ́là bò sínú búlọ́ọ̀kù kékeré. Fáìlì lè sọnù kí gbogbo ìyẹn má sọnù.

Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, fáìlì mi wà ní Nàìjíríà. Ṣé àbúrò mi lè bá mi gbà á?

Ó lè gbà á tẹ́ ẹ bá fún un ní lẹ́tà àṣẹ. Kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta hàn nínú ẹ̀: orúkọ àbúrò yín bó ṣe wà lórí NIN ẹ̀, àwọn ìwé tẹ́ ẹ gbà kó gbà gan-an, àti ọjọ́ tí àṣẹ yẹn máa parí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ so ojú ewé pásípọ́ọ̀tì yín tó ní fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ lè ní kí wọ́n fi sínú ẹ̀mfilópù kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, àwọn ọ̀rọ̀ kan ò yẹ létí àbúrò. Ohùn Wọ́sáàpù kì í ṣe àṣẹ o, mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ lójú fèrèsé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ ìdàkejì, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tọ́jú yín tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó o bọ̀ wálé, ó rọrùn jù. Ẹ kọ̀wé sí dókítà yín lọ́hùn-ún, oṣù kan ni òfin fún wọn, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ti ọmọ tí ò tíì dàgbà, òbí ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ.

Ìyá wa ò mọ̀wé kọ. Ta ló máa kọ ọ́?

Ẹ bá wọn kọ ọ́, ìka ni kí wọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn ní Yorùbá, ó yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí ò mọ̀wé ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lè rìn, kí àwọn fúnra wọn tẹ̀ lé yín wá.

Ẹnì kan ní kí n lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ó ní ọjọ́ méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn.

Ọjọ́ méje wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń ná owó ìlú ló wà fún. Òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn síta láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbà. Ti rẹ́kọ́ọ̀dù ara yín, ẹ di òfin 2014 àti ti 2023 mú, ìlà kan péré nínú lẹ́tà ìránnilétí ti tó. Ẹ má fi ṣe ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ara àwọn ọ̀gá máa ń le tí wọ́n bá rí òfin kó tó di "ẹ káàárọ̀".

Wọ́n ti kó o fún mi. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó kúrò níbẹ̀?

Ẹ wò ó níwájú kọ́ńtà. Ṣé orúkọ àti nọ́ńbà yín ló wà lórí gbogbo ojú ìwé, torí ìwé ẹlòmíì máa ń ṣìnà wọnú fáìlì. Ṣé sítáǹpù wà. Ṣé ọ̀rọ̀ hàn létí ìwé, àbí ẹ̀rọ ti gé e.

Kẹ́ ẹ sì yí ìwé padà. Obìnrin wa gba ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú ìwé mẹ́fà, inú ẹ̀ dùn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró ka ìwé iṣẹ́ abẹ. Ó padà wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ò parí níbí." Mo gbà á. Ìlà tó gbẹ̀yìn dúró sí àárín gbólóhùn, ó sọ iye fáíbírọ́ìdì tí wọ́n yọ, ó ní "ihò inú ilé ọmọ", ó tán. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ṣe ojú nìkan. Mo lọ fa fáìlì yẹn yọ, mo yí ìwé náà padà, dókítà ọdún 2016 yẹn ti parí gbólóhùn ẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú bírò àwọ̀ ewé: wọn ò wọnú ẹ̀. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀yìn yẹn fúnra mi, mo tẹ sítáǹpù sí i, mo sì so ó mọ́ iwájú ẹ̀.